Aṣọ ẹbí 24 wà nílẹ̀, ọwọ́ méjì péré ni mo ní. Báwo lẹ ṣe ń fi iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́?

Abẹ́rẹ́ Mọ́kọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Télọ̀ obìnrin ni mí, Mọ́kọ́lá ni ṣọ́ọ̀bù mi wà n'Íbàdàn níbí. Ọdún 2019 ni mo gba fríìdọ́ọ̀mù, mo sì dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní 2021. Ọmọ iṣẹ́ méjì ló wà lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀gbọ́n nínú wọn ti lo ọdún kan àti ààbọ̀, àbúrò ò tíì ju oṣù mẹ́rin lọ. Mo tún gba jọ́nímáànù kan lóṣù tó kọjá.

Ọ̀rọ̀ mi rèé. Èmi ni mò ń wọn èèyàn, èmi ni mò ń gé aṣọ, èmi ni mò ń rán an, èmi náà ni mò ń lọ̀ ọ́ nígbà tí oníbàárà bá ti jókòó tì mí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń gán bọ́tìnì, wọ́n ń gbálẹ̀, wọ́n ń lọ ra oúnjẹ. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, òru mẹ́rin ni mo sùn sí ṣọ́ọ̀bù nítorí gáùn 12 tí àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó kan fẹ́ wọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an ni mo parí wọn. Ọ̀kan lára wọn wọ ọkọ̀ lọ pẹ̀lú píìnì létí síìpù. Píìnì o, ẹ̀yin èèyàn mi!

Kì í ṣe pé mi ò gbìyànjú kí n fi iṣẹ́ lé jọ́nímáànù yẹn lọ́wọ́. Gáùn mẹ́ta ni mo gé fún un. Ó rán wọn, ojú ìrán rẹ̀ tiẹ̀ gún ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn oníbàárà wọ̀ wọ́n, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fẹ̀. Mo tú gbogbo ẹ̀gbẹ́ wọn, mo sì tún wọn rán. Ká ní èmi ni mo rán wọn látìbẹ̀rẹ̀, ǹ bá ti parí tipẹ́. Ọjọ́ yẹn ni mo ní ó tán, mi ò gbé iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ní báyìí, aṣọ ẹbí 24 ti wọlé. Léèsì ni, gáùn gígùn tó ní dáàtì prínsẹ́ẹ̀sì. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù. Ṣé kí n dá owó àsansílẹ̀ padà ni, àbí ẹ ní ọ̀nà tí ẹ̀ ń gbà gbé iṣẹ́ fún èèyàn tí kì í bà jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́?

Ọmọ Èkó Gidi

Àbúrò, ìṣòro rẹ ni pé o fẹ́ràn àlùmọ́gàjí ju owó lọ. Ọ̀gá kì í gé aṣọ. Gba jọ́nímáànù méjì sí i, kó gbogbo ẹ̀ fún wọn, wíwọ̀n ni o, gígé ni o, kí ìwọ jókòó ti fóònù rẹ máa wá oníbàárà. Bí mo ṣe ṣe é ní Yábàá nìyẹn, kò sì sí nǹkan tó ṣe mí.

Oníbàárà Tó Ti Sunkún Rí

Kò sí nǹkan tó ṣe ìwọ, àwa oníbàárà ńkọ́? Mo gbé aṣọ lọ bá ọ̀gá kan torí bó ṣe mọ ọrùn aṣọ gé. Àfi bí ọmọdé kan tí mi ò rí rí ṣe yọ téèpù sí mi, òun náà ló tún gé e. Lọ́jọ́ tí mo wọ̀ ọ́, ọrùn aṣọ ń wo ọ̀tún, èmi ń wo iwájú.

Atúnmaṣíìnì-Ṣe

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ohun tí arábìnrin yìí nílò ò ju maṣíìnì oníná tó ní mọ́tò sáfò lọ. Mọ́tò àtijọ́ máa ń yí látìgbà tí ẹ bá ti tan án, bí ẹ rán aṣọ bí ẹ ò rán, iná ni yóò máa jẹ. Sáfò kì í yí àfi tí ẹ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn, kì í sì í pariwo. Tí ó bá ra ọ̀kan, aṣọ 24 kò ní í tó nǹkan.

Abẹ́rẹ́ Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣé gan-an sà, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n maṣíìnì kọ́ ló ń dà mí láàmú báyìí. Mẹ́ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, méjì ló sì ń jókòó lásán nígbà tí èmi bá ń rán aṣọ lórí ìkẹta.

Ìyá Olóòwú

Ọmọ mi, má dá owó àsansílẹ̀ padà. Kí n tó sọ nǹkan kan, dá mi lóhùn ìbéèrè méjì. Gáùn mẹ́ta yẹn, ínṣì mélòó ni wọ́n fi fẹ̀? Nígbà tí o gé wọn, ínṣì mélòó lo fi sílẹ̀ fún àláwánsì lẹ́gbẹ̀ẹ́?

Abẹ́rẹ́ Mọ́kọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ó tó ínṣì méjì tí wọ́n fi fẹ̀, láti àyà dé ìdí. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé bákan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí. Ínṣì kan ni mo máa ń fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mà, torí tí oníbàárà bá sanra, yóò gbé e padà wá kí n tú u sílẹ̀ fún òun.

Ìyá Olóòwú

Ṣé o sọ ọ́ fún jọ́nímáànù pé ínṣì kan ni?

Abẹ́rẹ́ Mọ́kọ́lá

Háà. Rárá mà. Mo rò pé ó mọ̀ ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í nísinsìnyí, ó ní ìdajì ínṣì ni wọ́n ń fi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá òun.

Ìyá Olóòwú

Ó parí. Ọmọ yẹn kò ṣẹ̀ ọ́. Aṣọ lo gbé fún un, o fi ọ̀rọ̀ inú aṣọ pamọ́ sínú orí rẹ.

Wò ó báyìí. Ẹ̀gbẹ́ méjì ni gáùn ní. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, etí aṣọ méjì la pa pọ̀ níbẹ̀, tiwájú àti tẹ̀yìn. Etí mẹ́rin nìyẹn. Ìwọ fẹ́ kó wọlé ínṣì kan lórí etí kọ̀ọ̀kan, òun wọlé ìdajì. Ìdajì lọ́nà mẹ́rin, ínṣì méjì géérégé. Ìdí nìyẹn tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi fẹ̀ bákan náà. Tó bá jẹ́ pé kò mọ aṣọ rán ni, ọ̀kan ì bá fẹ̀, ọ̀kan ì bá fún, ìkẹta ì bá lọ́. Nígbà tí àṣìṣe bá ti dọ́gba lórí gbogbo aṣọ, ẹnu ló ṣìnà, kì í ṣe ọwọ́.

Ti prínsẹ́ẹ̀sì tó wà nílẹ̀ yìí ló wá le jù. Dáàtì méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ méjì, àti àárín ẹ̀yìn níbi tí síìpù wà. Ojú ìrán méje, etí mẹ́rìnlá. Kó ṣìnà ìdá mẹ́rin ínṣì péré lórí etí kọ̀ọ̀kan, ìdá mẹ́rin tí ojú ò rí yẹn, ínṣì mẹ́ta àti ààbọ̀ ló ti wọlé síbẹ̀. Lórí gáùn 24! Ojú rẹ yóò rí nǹkan.

Ohun tí wàá ṣe kí jọ́nímáànù tó fi ọwọ́ kan léèsì aṣọ ẹbí rèé. Mú iye kan, má yẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti àárín ẹ̀yìn, ínṣì kan. Dáàtì prínsẹ́ẹ̀sì, ìdajì. Apá àti ọrùn, ìdajì. Kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri lókè maṣíìnì. Lẹ́yìn náà, wá téèpù bébà tí àwọn akunlé ń lò. Rọ abẹ́rẹ́ maṣíìnì sílẹ̀ kó kan irin, fi rúlà wọn ínṣì kan láti abẹ́rẹ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, lẹ téèpù yẹn síbẹ̀ kí etí rẹ̀ dúró gún. Lẹ òmíràn tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ síbi ìdajì. Kí ẹni tó ń rán aṣọ máa wo téèpù, kó má wo abẹ́rẹ́. Ọmọ iṣẹ́ olóṣù mẹ́rin lè rán ọ̀nà títọ́ lórí ìyẹn.

Abẹ́rẹ́ Mọ́kọ́lá

Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un kà. Mo ti pe ọmọ yẹn ní aláìbìkítà lójú àwọn ọmọ iṣẹ́.

Ìyá Olóòwú

Bẹ̀ ẹ́. Kò le.

Bàbá Alágbádá

Ọ̀rọ̀ yín dùn, Ìyá Olóòwú, ṣùgbọ́n ẹ kò sọ èyí tó ń dun àwa. Mo ní jọ́nímáànù kan rí ní Òṣogbo. Mo kọ́ ọ ní gbogbo agbádá, látorí ọrùn dé orí iṣẹ́ àyà. Mo jẹ́ kó máa wọn àwọn èèyàn, mo jẹ́ kó máa fi wọ́tsáàpù rẹ̀ bá wọn sọ̀rọ̀. Ọdún kejì, ó dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀ ní òpópónà kejì sí mi, èèyàn bíi mẹ́wàá ló sì bá a lọ. Ìwé ìwọ̀n mi gan-an, fọ́tò rẹ̀ ti wà lórí fóònù rẹ̀. Ìyẹn ni ẹ fi ń rí mi tí mo ń rán aṣọ ní agogo mọ́kànlá òru.

Ọmọ Èkó Gidi

Bàbá, mẹ́wàá lọ, mélòó ló kù? Ẹni tó ń dá ṣe é nítorí olè, olè ti gba oorun lọ́wọ́ rẹ̀ ná.

Bàbá Alágbádá

Ìwọ, jẹ́ kí wọ́n kó tìrẹ lọ ná, ká tó máa sọ̀rọ̀ oorun.

Àǹtí Pẹ́kámù

Ẹ kú àárọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Mo ti ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ aránṣọ níbí kí n tó ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, n ó sọ nǹkan kan ṣoṣo. Àbúrò mi, kí o tó pín iṣẹ́, rán gáùn kan tán fúnra rẹ, kí o máa fi fóònù ka ìṣẹ́jú tí ipele kọ̀ọ̀kan gbà. Má fojú bù ú. Àwa aránṣọ, a máa ń rò pé rírán ló ń jẹ wá lọ́jọ́. Nígbà tí mo ka tèmi, lílọ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ ló ń jẹ mí. Ibi tí àkókò ń lọ tí kò sì nílò ọwọ́ rẹ, ibẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ gbé sílẹ̀.

Abẹ́rẹ́ Mọ́kọ́lá

Ẹ kú àbọ̀ mà. Mo ti kà á lórí gáùn ìyá ìyàwó. Gígé gba ìṣẹ́jú 35. Pípa láínìn pọ̀ gba 40. Pípa léèsì pọ̀, ìyẹn àwọn dáàtì prínsẹ́ẹ̀sì àti ẹ̀gbẹ́, gba 70. Síìpù 25, apá 30. Iṣẹ́ ọwọ́, etí ìsàlẹ̀ àti lílọ̀ gba 50. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Lọ́nà 24, ọgọ́rùn-ún wákàtí géérégé! Mi ò mọ̀ rárá. Lójúmọ́, tí mo bá dá àwọn èèyàn tó ń wọlé lóhùn tán, bóyá ni mò ń rí wákàtí márùn-ún fi rán aṣọ. Ogún ọjọ́ nìyẹn láìfọwọ́ kan aṣọ ẹlòmíràn. Gígé nìkan wá jẹ́ wákàtí 14.

Àǹtí Pẹ́kámù

O rí i? Wákàtí 14 ló nílò ọwọ́ rẹ. Mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún yòókù, ojú rẹ ló nílò. Tó bá jẹ́ èmi, ẹnì kan máa rán láínìn gbogbo 24 tán, ẹlòmíràn máa fi síìpù sí gbogbo rẹ̀, kí ọwọ́ kálukú lè yá sí ipele kan.

Ìyá Olóòwú

Èyí ni mi ò gbà, àbúrò mi. Ó dára nílé iṣẹ́ tó ní ogún èèyàn. Nínú ṣọ́ọ̀bù ẹni mẹ́rin, tí ibà bá mú ẹni tó ń fi síìpù sí i, gáùn 24 ni yóò kó jọ láìní síìpù. Ọmọ iṣẹ́ tó bá sì fi oṣù méjì rán láínìn nìkan, kí ni yóò sọ pé òun kọ́ lọ́dọ̀ rẹ? Owó làwọn òbí wọn san kí wọ́n lè kọ́ iṣẹ́.

Àǹtí Pẹ́kámù

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni, kì í ṣe ọdún márùn-ún. Àti pé ẹni tó rán láínìn 24 kì í gbàgbé láínìn láé.

Ìyá Olóòwú

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀. Ọmọ mi, ṣe bí ó bá ṣe wọ̀ ọ́ nínú wa. Ṣùgbọ́n ibi méjì wà tí ìwọ nìkan gbọ́dọ̀ dúró sí. Èkíní, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ìrán tó gùn jù lórí maṣíìnì pa ẹ̀gbẹ́ pọ̀ ná, nọ́ńbà 4 tàbí 5, torí ìyẹn rọrùn láti tú. Tẹ́ gáùn náà sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kí o fi téèpù wọ̀n ọ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Tí àyà oníbàárà bá jẹ́ 40, tí o fi ínṣì méjì lé e fún mímí, 21 ló gbọ́dọ̀ bá téèpù. Èkejì ni kí wọ́n tó pa láínìn dé. Tí láínìn bá ti dé, tí o bá tún rí àbùkù, ẹkún ni.

Má tún gbàgbé ìwé ìwọ̀n rẹ. Fa ìlà sí àárín rẹ̀. Apá kan, kọ "Ara", ohun tí téèpù sọ lára èèyàn. Apá kejì, kọ "Aṣọ", ohun tí o fẹ́ kí gáùn jẹ́ nígbà tó bá tán. Ẹni tó bá rí 40 lásán nínú ìwé, báwo ni yóò ṣe mọ̀ bóyá o ti fi àyè mímí sí i? Bí ìwọ bá fi méjì sí i, tí òun náà tún fi méjì sí i, a ti padà síbi tí a ti ń bọ̀.

Abẹ́rẹ́ Mọ́kọ́lá

Ẹ̀yin àgbà mi, ọ̀sẹ̀ kejì rèé, mo ní kí n wá jábọ̀. Mo pín in báyìí: jọ́nímáànù ló ń pa léèsì pọ̀, ó ń fi síìpù sí i, ó ń fi apá sí i. Ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ ló ń rán láínìn. Àbúrò ń lọ̀ ọ́, ó sì ń ṣe etí ìsàlẹ̀. Èmi ń gé, mo sì ń dúró síbi méjì tí Ìyá Olóòwú sọ. Tí mo bá ti gé gáùn kan tán, mo máa ń ká gbogbo ègé rẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú síìpù àti òwú rẹ̀, mo máa ń fi àjákù aṣọ dì í, mo sì máa ń fi píìnì kan orúkọ ẹni tó ni ín àti ìwọ̀n méjèèjì mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó ń pè mí mọ́ pé "Àǹtí, apá ta nìyí?"

Mẹ́jọ ti tán. Nínú mẹ́jọ yẹn, ọ̀kan ṣoṣo ló fẹ̀, ìdajì ínṣì ni, mo rí i níbi àyẹ̀wò àkọ́kọ́, a sì tú u ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ìròyìn burúkú wá wà o, ẹ má sì bínú sí jọ́nímáànù. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo ń kánjú lọ sí Gbági, mo fi ìkánjú gé apá gáùn kan. Mi ò ṣẹ́ léèsì po kí ojú aṣọ kọ ojú síra, mo kàn tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo gé ọ̀kan, mo tún gé ìkejì bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo dé, àbúrò nínú àwọn ọmọ iṣẹ́, olóṣù mẹ́rin yẹn, ló di ègé náà dání. Ó ní, "Àǹtí, ṣé èèyàn yìí ní apá òsì méjì ni?" Mo ti ń fẹ́ jágbe mọ́ ọn kí n tó wò ó dáadáa. Apá òsì méjì ni lóòótọ́!

Bàbá Alágbádá

Kẹ́kẹ́kẹ́! Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Kí lo wá ṣe sí léèsì náà? Ṣé èyí tó kù tó?

Abẹ́rẹ́ Mọ́kọ́lá

Ó ṣẹ́kù díẹ̀ sà. Gèlè onítọ̀hún ni mo fẹ́ fi ṣe tẹ́lẹ̀, gèlè rẹ̀ dínkù nìyẹn. Mo pè é, mo jẹ́wọ́ fún un, mo sì yọ ₦2,000 kúrò nínú owó rẹ̀.

Ìyá Olóòwú

Ó dára bí o ṣe pè é. Nísinsìnyí, máa fi àlùmọ́gàjí ṣá etí apá: ẹyọ kan níwájú, méjì lẹ́yìn. Ṣe bákan náà sí ojú ihò apá lára gáùn. Bí apá òsì méjì bá bára wọn pàdé, àmì ò ní í bára mu, ẹnikẹ́ni tó bá mú un dání yóò mọ̀, kì í ṣe ọmọ olójú tó mú yẹn nìkan. Má ṣá a jìn o. Léèsì máa ń tú, ṣọ́ọ̀kì tàbí òwú pupa dára ju àlùmọ́gàjí lọ fún èyí tó bá fẹ́lẹ́.

Ọmọ Èkó Gidi

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè owó. Èló lò ń san fún jọ́nímáànù? Tó bá jẹ́ owó oṣù, o ti wọ gàù.

Abẹ́rẹ́ Mọ́kọ́lá

Iye aṣọ tó bá rán ni mò ń san lé lórí. ₦18,000 ni mo gba lórí gáùn kan. Láínìn, síìpù, òwú àti gọ́ọ̀mùsítéè gba ₦5,000. Iná àti epo jẹnẹrétọ̀, mo fi ₦800 sí i. Jọ́nímáànù ń gba ₦4,500. Àwọn ọmọ iṣẹ́ méjèèjì, mo ya ₦700 sọ́tọ̀ fún wọn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá ọ̀kan nínú wọn ní òun kò rí irú ẹ̀ rí. Ó ku ₦7,000 fún mi.

Ọmọ Èkó Gidi

Tí o bá dá a rán, ₦12,200 ni yóò kù fún ọ. O ń pàdánù ₦5,200 lórí gáùn kan! Mo tiẹ̀ ti yí ọkàn padà nípa ohun tí mo kọ́kọ́ sọ.

Abẹ́rẹ́ Mọ́kọ́lá

Mo ti ṣe ìṣirò yẹn títí oorun fi gbé mi lọ, sà. Tí mo bá dá a rán pẹ̀lú iṣẹ́ àwọn oníbàárà mìíràn, mi ò lè rán ju 12 lọ nínú ọ̀sẹ̀ márùn-ún. ₦146,400 nìyẹn, a ó sì dá owó àwọn 12 yòókù padà. Bí mo ṣe pín in yìí, 24 yóò fún mi ní ₦168,000. Òótọ́ ni pé kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, mo tún ti gé bùbá àti ìró mẹ́fà fún àwọn ẹlòmíràn, ilé sì ni mo ń sùn.

Àǹtí Pẹ́kámù

Ìyẹn ni kí o wò. Bó bá wá di January tí iṣẹ́ gbẹ, kò sí owó oṣù tí yóò máa dún ní etí rẹ.

Ìyá Olóòwú

Jọ́nímáànù tó dáńgájíá kì í dúró de January ẹnikẹ́ni o. Ẹni tí a ń san owó fún lórí aṣọ, ibi tí aṣọ bá wà ni yóò lọ. Bá a sọ̀rọ̀ kí àkókò yẹn tó dé.

Abẹ́rẹ́ Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ọjọ́ pípẹ́ o. Oṣù mẹ́ta ti kọjá. Ẹ ṣì ń béèrè, mo dúpẹ́.

Gáùn 24 jáde lọ́jọ́ mẹ́rin ṣáájú ayẹyẹ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ìyàwó ló padà wá, ó ní ó fún òun lábẹ́ apá. Ínṣì kan tí a fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbà wá. A tú u, a rọ̀ ọ́ díẹ̀, ó lọ. Ibi ayẹyẹ yẹn ni iṣẹ́ méjì mìíràn ti wá, ọ̀kan jẹ́ àǹkárá 40. Mo gba yàrá kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tábìlì gígé nìkan ló wà níbẹ̀. Jọ́nímáànù kejì wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ohun àkọ́kọ́ tí a fi hàn án ni téèpù tó wà lára maṣíìnì, ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ ló sì ṣàlàyé rẹ̀ fún un, kì í ṣe èmi. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń gbọ́ ọ tó ń ka "etí mẹ́rìnlá" fún un bí ẹni ń ka ìṣirò ilé ìwé.

Ọ̀kan ló kù tí mi ò mọ̀. Jọ́nímáànù àkọ́kọ́ ní òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọn àwọn oníbàárà. Ọwọ́ rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Bàbá Alágbádá ò kúrò lọ́kàn mi.

Bàbá Alágbádá

Má jẹ́ kó wọ̀n wọ́n. Téèpù ni oníbàárà ń rántí.

Ìyá Olóòwú

Jẹ́ kó wọ̀n wọ́n, kí ìwọ wà níbẹ̀, kí ìwọ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ, ẹnu rẹ ló sì ń bá wọn sọ̀rọ̀. Bí o bá ní yóò máa dúró títí láé láìwọn èèyàn, yóò lọ síbi tí wọ́n ti máa jẹ́ kó wọ̀n wọ́n.

Oníbàárà Tó Ti Sunkún Rí

Tèmi ni pé kó sọ orúkọ ara rẹ̀ fún mi kó tó yọ téèpù.

Bàbá Alágbádá

Ìyá Olóòwú, ìwọ̀n tí òun fúnra rẹ̀ wọ̀n, ṣé ó nílò ìwé kó tó rántí rẹ̀ ni?

Abẹ́rẹ́ Mọ́kọ́lá

Mo ti ń ronú sí i láti àná. Oníbàárà kan ń bọ̀ lọ́la ní agogo mẹ́wàá, bùbá lásán ni. Mo ti sọ fún jọ́nímáànù pé kó wà nítòsí, kó mú téèpù tirẹ̀ dání.